Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́: Bí A Ṣe Yọ Àyè Mẹ́jọ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Jókòó Sí Kúrò Nínú Owó Sọ́fíwia Ilé Ìtẹ̀wé Wa Ní Ògbómọ̀ṣọ́

Àkọsílẹ̀ yìí dá lórí iṣẹ́ tí mo ṣe láàárín oṣù Kẹjọ sí oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ní ilé ìtẹ̀wé kékeré tí mo ti ń ṣe akọ̀wé owó ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ojúkò wa gan-an wà ní Tákié, a sì ní ẹ̀ka kan lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà LAUTECH, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wá tẹ ìwé àṣekágbá wọn, tí wọ́n sì ń wá dì í. Ènìyàn mẹ́fà péré ni iṣẹ́ wọn kan kọ̀ǹpútà lójoojúmọ́ nínú wa: ọ̀gá wa obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, èmi fúnra mi, àwọn ayàwòrán méjì, àti àwọn méjì tí ń gba oníbàárà, ọ̀kan ní Tákié, èkejì ní ẹ̀ka. Àwọn tó kù wà nídìí ẹ̀rọ, bébà àti gọ́ọ̀mù.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ

Ìwé owó oṣù Keje ti Google Workspace, sọ́fíwia tí a fi ń ṣe ímeèlì àti fáìlì iléeṣẹ́ wa, ni ó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Mo gbé e síwájú Màmá kí ó lè buwọ́ lù ú, ó sì rí i pé àkáǹtì mẹ́rìnlá ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ó fi ìka ọwọ́ ka àwa tí à ń lò ó, ó dúró lórí mẹ́fà, ó ní, "Akọ̀wé, ta ni àwọn mẹ́jọ tó kù?" N kò lè dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Mo sọ fún un pé kí ó fún mi ní oṣù kan, n ó sì mú orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan wá, pẹ̀lú ìdí tí a fi ń sanwó lé e lórí.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí owó náà ṣe ń rìn. Irú sọ́fíwia báyìí ni wọ́n ń tà lórí àyè, ìyẹn ni pé orúkọ ìwọlé kọ̀ọ̀kan jẹ́ àyè kan, owó sì wà lórí àyè náà yálà ẹnìkan jókòó síbẹ̀ tàbí kò jókòó. Business Standard ni a ń lò, lórí ètò Flexible, èyí tó ń gba dọ́là 16.80 lórí àyè kan lóṣù. Àyè mẹ́rìnlá jẹ́ dọ́là 235.20. Tí a bá fi 1,500 náírà ṣírò dọ́là kan, 352,800 náírà ni à ń san lóṣooṣù. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, kí ìjọba àpapọ̀ tó jẹ́ kí ọjà pinnu iye náírà ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní báǹkì, kò sì sẹ́ni tó ń ka àkáǹtì nígbà náà. Iye àkáǹtì wa kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i láti ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n náírà tí à ń kó jáde fún wọn ti di ìlọ́po mẹ́ta.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ: wíwá gbogbo ohun tí à ń sanwó fún

Kí n tó fọwọ́ kan àkáǹtì kankan, mo fẹ́ mọ̀ bóyá Google Workspace nìkan ni ó ń ṣe wá báyìí. Mo gba àkọsílẹ̀ owó oṣù mẹ́tàlá láti báǹkì. Oṣù mẹ́tàlá ni mo béèrè, kì í ṣe mẹ́ta, nítorí pé ohun tí à ń san lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kì í hàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó sì lè jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n yọ owó náà ni ó bọ́ sẹ́yìn àkọsílẹ̀ tí ènìyàn ń wò.

Àkọsílẹ̀ báǹkì nìkan kò tó, ohun tó sì fà á jẹ́ ti ìlú wa gan-an. Ní ọdún 2022, àwọn báǹkì dín ohun tí ènìyàn lè fi káàdì náírà ná lókè òkun kù sí dọ́là 20 lóṣù, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì dá a dúró pátápátá lẹ́yìn náà. Láti ìgbà náà ni ìsanwó wa ti fọ́n ká. Màmá fi káàdì dọ́là tirẹ̀ san òmíràn, ayàwòrán kan fi káàdì orí ayélujára tó ṣí fúnra rẹ̀ san òmíràn, a sì ń dá owó náà padà fún un láti inú owó kékeré tó wà nínú dúrọ́ọ̀. Nínú ìwé mi, "owó ìntánẹ́ẹ̀tì" ni mo kọ sí i. Àṣìṣe mi nìyẹn, nítorí pé ọ̀rọ̀ méjì yẹn bo ohun mẹ́rin tó yàtọ̀ síra mọ́lẹ̀ fún ọdún mẹ́ta.

Nítorí náà ni mo ṣe jókòó ti Màmá, pẹ̀lú àṣẹ rẹ̀, tí a sì wá inú àpótí ímeèlì rẹ̀. Mo ṣe bákan náà nínú tèmi, mo sì bẹ àwọn ayàwòrán kí wọ́n ṣe é nínú tiwọn. Ohun tí a tẹ̀ sí ibi ìwákiri nìyí:

```
(receipt OR invoice OR subscription OR renewal) newer_than:13m
```

Ìwé ẹ̀rí owó tó jáde kò ju mọ́kànlélógún lọ nígbà tí a yọ àwọn ìpolówó kúrò. Mo to wọ́n sínú tábìlì kan: orúkọ ohun náà, ẹni tó ń san, káàdì tó fi ń san, iye owó, oṣooṣù tàbí ọdọọdún, ọjọ́ tí yóò tún yọ owó, àti ẹni tó ń lò ó ní tòótọ́. Ìlà tó kẹ́yìn yìí ni mo fi sílẹ̀ lófìfo títí mo fi bá ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀, nítorí pé mo ti ṣàkíyèsí pé bí ènìyàn bá fi àbá kún irú ìlà bẹ́ẹ̀, kì í padà síbẹ̀ mọ́.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ níbi tábìlì yìí tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí fi sọ́kàn. Ìkànnì ayélujára wa ń ṣiṣẹ́, àwọn oníbàárà ń rí iye owó ìwé dídì níbẹ̀, ṣùgbọ́n n kò rí ìwé ẹ̀rí owó kankan fún orúkọ ìkànnì náà níbikíbi. Owó ni a sábà máa ń san lórí orúkọ ìkànnì láti ìgbà dé ìgbà, nítorí náà ó ní láti jẹ́ pé ẹnìkan ni ó ń san án. Mo pe ayàwòrán tó kúrò lọ́dọ̀ wa lọ sí Ìbàdàn lọ́dún tó kọjá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bínú sí mi, àkáǹtì iléeṣẹ́ tí mo ń lò nígbà yẹn ni mo fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń fi ìránnilétí ránṣẹ́ sí." Àkáǹtì rẹ̀ yìí kan náà wà lára àwọn mẹ́jọ tí a fẹ́ pa rẹ́. Ká ní a ti dá a dúró ní ọjọ́ kìíní gẹ́gẹ́ bí Màmá ṣe fẹ́, ìránnilétí náà ìbá máa padà sí ẹni tó fi í ránṣẹ́, orúkọ ìkànnì náà ìbá sì kọjá ọjọ́ rẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀. Mo ṣí àkáǹtì rẹ̀ ní ìṣojú Màmá, a wọ ibi tí orúkọ ìkànnì náà wà, a sì yí ímeèlì ibẹ̀ sí ti Màmá ní ọjọ́ náà gan-an.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ: orúkọ àwọn mẹ́jọ

Ní `admin.google.com`, lábẹ́ Directory, ni àkójọ gbogbo oníṣe wà pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọlé kẹ́yìn. Mo to àkójọ náà láti orí ẹni tó ti pẹ́ jù lọ. Bí wọ́n ṣe jáde nìyí: mẹ́ta jẹ́ ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH tó wá ṣe ẹ̀kọ́ṣẹ́ oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ wa ní ọdún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan jẹ́ ti ayàwòrán tó lọ sí Ìbàdàn, ọ̀kan jẹ́ àkáǹtì kejì tí Màmá ṣí nígbà tó gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà ti àkọ́kọ́, mẹ́ta sì jẹ́ àdírẹ́sì tí kì í ṣe ti ènìyàn rárá: `info@`, `order@` àti `scan@`.

Ọ̀ràn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni mo rò lórí jù. Lọ́dọọdún ni a máa ń gba wọn, lọ́dọọdún ni a sì máa ń ṣí àkáǹtì fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé, nítorí pé wọn kò lè rí fáìlì oníbàárà láìsí i. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń lọ, ìwé ẹ̀rí ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí a ó buwọ́ lù fún ilé-ìwé wọn nìkan ni gbogbo wa máa ń rántí. Ìgbà tí mo ṣírò rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tó pẹ́ jù nínú wọn ti kúrò fún oṣù mọ́kànlélógún. Iye owó tí a san ní àkókò náà yàtọ̀ láti oṣù sí oṣù, ṣùgbọ́n bí a bá fi ti òní ṣírò rẹ̀, ó ju 500,000 náírà lọ lórí ọmọ kan ṣoṣo tí kò sí lọ́dọ̀ wa mọ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ: a dá wọn dúró, a kò tíì pa wọ́n rẹ́

Ohun méjì ni ènìyàn lè ṣe fún àkáǹtì tí a kò lò mọ́. Ó lè dá a dúró, tàbí kí ó pa á rẹ́. Àkáǹtì tí a dá dúró kò lè wọlé, kì í sì í gba ímeèlì tuntun, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, a sì lè dá a padà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Owó rẹ̀ kò sì dáwọ́ dúró. Ibí yìí ni mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà: wọ́n á dá àkáǹtì dúró, wọ́n á rò pé iṣẹ́ ti parí, owó á sì máa lọ bó ṣe ń lọ. Pípa rẹ́ ni ó ń mú owó dínkù.

Síbẹ̀, mo fi ọ̀sẹ̀ méjì sílẹ̀ fún ìdádúró kí n tó pa ohunkóhun rẹ́, mo sì ṣàlàyé fún Màmá pé owó ọ̀sẹ̀ méjì náà ni a ó fi ra ìdánilójú. Bí ohun kan bá gbára lé àkáǹtì kan láìjẹ́ pé a mọ̀, yóò ké jáde láàárín àkókò náà. Mo dá márùn-ún tó jẹ́ ti ènìyàn dúró, mo sì fi `scan@` kún wọn nítorí pé kò sí ẹni tó wọlé sí i láti ọdún 2023. `info@` àti `order@` ni n kò fọwọ́ kàn, nítorí pé oníbàárà ń kọ̀wé sí wọn lójoojúmọ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ: ẹ̀rọ aṣàdàkọ dákẹ́

Kò ju ọjọ́ méjì lọ tí ohun tí mo bẹ̀rù fi ṣẹlẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń gba oníbàárà ní Tákié wá bá mi ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀rọ aṣàdàkọ kò fi ìwé ránṣẹ́ sí ímeèlì mọ́. Bàbá kan ti dúró láti aago mẹ́sàn-án pẹ̀lú ìwé ilẹ̀ rẹ̀." Mo lọ wo ojú ẹ̀rọ náà, ohun tó sì wà níbẹ̀ nìyí:

```
535-5.7.8 Username and Password not accepted
```

535 túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ náà kàn sí olùfiránṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n wọn kò gba orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà tó mú wá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọọ̀kì. `scan@` ni ẹ̀rọ náà ń lò láti fi ìwé ránṣẹ́ sí oníbàárà, èmi ni mo sì dá a dúró. Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà, mo dá àkáǹtì náà padà, bàbá náà sì gba ìwé rẹ̀ kí aago mọ́kànlá tó lù. Ká ní mo ti pa á rẹ́ ni, ǹ bá ní láti máa wá bí n ó ṣe dá a padà nígbà tí oníbàárà dúró sí iwájú mi.

Àṣìṣe náà ni pé ọjọ́ ìwọlé tó wà nínú àkójọ nìkan ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ̀rọ tó ń fi ímeèlì ránṣẹ́ kì í ṣí ojú ìwé ìwọlé bí ènìyàn ṣe ń ṣe, nítorí náà ọjọ́ ìwọlé àkáǹtì rẹ̀ lè dúró síbi kan fún ọdún méjì nígbà tó ń fi ogójì ìwé ránṣẹ́ lójúmọ́. Ibi tó yẹ kí n kọ́kọ́ wò ni Email Log Search, lábẹ́ Reporting ní ojú ìwé alákòóso kan náà. Ènìyàn á kọ àdírẹ́sì náà sí ipò ẹni tó fi ránṣẹ́, á sì wo ọgbọ̀n ọjọ́ tó kọjá. Mo wò ó fún `scan@` ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ náà sì kún ojú ìwé. Mo wò ó fún àwọn márùn-ún yòókù, kò sí ohunkóhun. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fi ìlà kan kún tábìlì mi, èyí tó ń béèrè bóyá àkáǹtì náà fi ohunkóhun ránṣẹ́ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, n kì í sì í pe àkáǹtì kankan ní òkú mọ́ àfi tí ìlà méjèèjì bá sọ ohun kan náà.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 18 oṣù Kẹjọ: wíwá ibùgbé tuntun fún ẹ̀rọ náà

Ẹ̀rọ aṣàdàkọ kò nílò àyè tirẹ̀. Ohun tó nílò ni àkáǹtì kan tó lè fi wọlé, èyí tí a ti ń sanwó rẹ̀ fún ènìyàn tẹ́lẹ̀. Mo yan àkáǹtì tábìlì oníbàárà ti Tákié, nítorí pé orúkọ iṣẹ́ ni a fi sọ ọ́, kì í ṣe orúkọ ẹni tó jókòó síbẹ̀ lónìí. Bí mo bá fi tèmi sí i, ọjọ́ tí mo bá kúrò ni ẹ̀rọ náà yóò tún dákẹ́.

Google kì í gba ọ̀rọ̀ aṣínà gidi àkáǹtì lọ́wọ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. A ní láti kọ́kọ́ tan ìfìdímúlẹ̀ ìgbésẹ̀ méjì lórí àkáǹtì náà, kí a tó lè ṣẹ̀dá ohun tí wọ́n ń pè ní App password, ìyẹn lẹ́tà mẹ́rìndínlógún tí a ń lò fún ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Mo tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ náà, mo fi ìwé kan ránṣẹ́ sí fóònù mi, ó dé. Mo wá lẹ bébà kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà tó sọ pé bí ẹnikẹ́ni bá yí ọ̀rọ̀ aṣínà àkáǹtì tábìlì oníbàárà padà, lẹ́tà mẹ́rìndínlógún náà yóò kú, a ó sì ní láti ṣe òmíràn. Ẹni tó bá rí 535 lọ́jọ́ iwájú yóò mọ ibi tí yóò kọ́kọ́ wò.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ: `info@` àti `order@`

Àdírẹ́sì méjì yìí ni iṣẹ́ wọn gbà mí lákòókò jù, àwọn náà sì ni mo gbà pé ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kékeré ń sanwó lé lórí láìnídìí. Ẹni tí kò bá sí, tí ènìyàn mẹ́ta sì ń pín ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, kò yẹ kó ní àyè. Ètò méjì ni Google Workspace ní fún un tí kò gba kọ́bọ̀ kún un: a lè fi àdírẹ́sì náà ṣe orúkọ àfikún fún àkáǹtì ẹnì kan, tàbí kí a sọ ọ́ di ẹgbẹ́, kí ohun tí oníbàárà bá kọ síbẹ̀ máa dé ọ̀dọ̀ gbogbo àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ náà. Ẹnì kan ṣoṣo ní ẹ̀ka ni ó ń dáhùn `order@`, nítorí náà orúkọ àfikún ni a pinnu láti fi ṣe fún un. Ènìyàn mẹ́ta ló ń dáhùn `info@`, nítorí náà a sọ ọ́ di ẹgbẹ́.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti lè yọ̀ wà níhìn-ín. Àdírẹ́sì kan kò lè jẹ́ ti àkáǹtì kí ó sì tún jẹ́ ti ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo yí orúkọ àkáǹtì `info@` padà sí `info-atijo@`, mo sì gbìyànjú láti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, wọ́n sì sọ fún mi pé orúkọ náà ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ohun tó fà á ni pé nígbà tí a bá yí orúkọ àkáǹtì padà, orúkọ àtijọ́ a máa di orúkọ àfikún rẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo ní láti yọ orúkọ àfikún náà kúrò kí ẹgbẹ́ tó lè gbà á.

Nígbà tí ẹgbẹ́ náà dúró, mo fi ímeèlì tèmi tí kì í ṣe ti iléeṣẹ́ kọ̀wé sí i bí ẹni pé oníbàárà ni mí. Ó padà sí mi. Ẹgbẹ́ tuntun kì í gbà kí ará òde kọ̀wé sí i àfi tí a bá ṣí i sílẹ̀ fún wọn, nítorí náà mo lọ sí ibi tí wọ́n ti ń pinnu ẹni tó lè kọ̀wé, mo sì yí i sí `Anyone on the web`. Ìdánwò kejì wọlé fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí mo bá ti fi ímeèlì iléeṣẹ́ dán an wò ni, ìdánwò àkọ́kọ́ ìbá yọrí, n kì bá sì mọ̀ pé a ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ oníbàárà títí tí ẹnìkan yóò fi pè wá.

Ímeèlì tó ti wà nínú àpótí àtijọ́ kì í tẹ̀lé orúkọ lọ sínú ẹgbẹ́. Mo lo Google Takeout láti inú àwọn àkáǹtì `info-atijo@`, `order@` àti ti ayàwòrán tó lọ, èyí tí mo kọ́kọ́ dá padà fún ìgbà díẹ̀, mo sì kó gbogbo ímeèlì inú wọn jáde ní fáìlì `.mbox` sórí dísìkì tí a ń tì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù Màmá. Ìwé àdéhùn pẹ̀lú ilé-ìwé mẹ́rin ló wà nínú wọn, a kò sì ní fi èyí ṣeré.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ: pípa rẹ́

Kí n tó tẹ ohunkóhun, mo wo iye àyè ìpamọ́ tí fáìlì wa ń gbà. Lórí Business Standard, térábáìtì méjì ni àkáǹtì kọ̀ọ̀kan ń mú wá sínú ìkòkò kan tí gbogbo wa jọ ń lò, nítorí náà bí àkáǹtì bá dínkù, ìkòkò náà yóò kéré sí i. Mẹ́rìnlá fún wa ní 28, mẹ́fà yóò fún wa ní 12. Gbogbo fáìlì wa, pẹ̀lú àwòrán kàlẹ́ńdà ọdún mẹ́fà, kò ju térábáìtì mẹ́ta lọ. Ẹni tó bá ń ṣe fídíò ní láti wo èyí dáadáa, ṣùgbọ́n kò dí wa lọ́wọ́.

Nígbà tí a bá ń pa àkáǹtì rẹ́, ojú ìwé náà máa ń béèrè ẹni tí yóò jogún fáìlì inú Drive rẹ̀. Mo ti rí i pé ènìyàn lè fò ó kọjá nínú ìkánjú. Mo fi Màmá ṣe ajogún fún gbogbo wọn, nítorí pé fódà tí àwọn ayàwòrán wa méjèèjì ń lò lójoojúmọ́, tó ní ààmì iléeṣẹ́ oníbàárà nínú, jẹ́ ti ẹni tó lọ sí Ìbàdàn. Òun ni ó dá a sílẹ̀, ohun tí ẹnìkan bá sì dá sílẹ̀ nínú Drive tirẹ̀ máa ń bá àkáǹtì rẹ̀ lọ bí a kò bá fún ẹlòmíràn. Mo dúró títí fódà náà fi hàn lọ́dọ̀ Màmá, kí n tó bọ́ sórí àkáǹtì kejì. Láàárín wákàtí méjì, mẹ́jọ ti lọ. Mo wá fi àdírẹ́sì `order@` kún àkáǹtì ẹni tó wà ní ẹ̀ka, mo sì fi àdírẹ́sì ayàwòrán tó lọ kún tèmi, nítorí pé àwọn ilé-ìwé kan ṣì ń kọ̀wé sí i.

Ogún ọjọ́ ni Google fi sílẹ̀ tí a fi lè dá àkáǹtì tí a pa rẹ́ padà. Mo kọ ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án sára ògiri, mo sì sọ fún gbogbo ènìyàn pé ẹni tó bá ń wá fáìlì kan tí kò rí, kí ó sọ ọ́ kí ọjọ́ náà tó pé. Kò sí ẹni tó sọ nǹkan kan.

Àwọn ohun tó kù nínú tábìlì

Ìpàdé orí ayélujára ni ó rọrùn jù. A ń san owó ọdọọdún fún àyè méjì lórí Zoom, Tákié san ọ̀kan, ẹ̀ka san ọ̀kan, kò sì sí èyí tó mọ̀ nípa èkejì. Ẹni tó pe ìpàdé nìkan ló nílò àyè, Google Meet sì ti wà nínú owó tí à ń san fún Google Workspace tẹ́lẹ̀. A pa ìsọdọ̀tun méjèèjì, wọn yóò sì parí ní ọjọ́ wọn.

Ẹnìkan nínú iléeṣẹ́ dá a lábàá pé kí a kàn ti káàdì pa, kí gbogbo rẹ̀ dúró lẹ́ẹ̀kan. N kò gbà fún un. Káàdì tí a tì pa kì í fagi lé àdéhùn. Lórí èyí tó jẹ́ àdéhùn ọdún, gbèsè náà yóò ṣì máa gorí ara rẹ̀ lórúkọ iléeṣẹ́, wọ́n sì lè ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn àyè tí a ṣì ń lò pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ yìí kan sọ́fíwia ìyàwòrán tí a ní àyè mẹ́ta lórí rẹ̀, tó sì jẹ́ pé ayàwòrán méjì ni a ní. Dọ́là 38 ni àyè kan ń gbà lóṣù, àdéhùn ọdún kan ni a sì buwọ́ lù, èyí tí yóò parí ní ọjọ́ 9 oṣù Kìíní ọdún 2026. Àdéhùn náà sọ pé bí a bá fi àyè kan sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, a ó san ìdajì ohun tó kù. Oṣù márùn-ún ló kù, ìyẹn dọ́là 190, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ 95. Lójú ìwé, bí a bá fi í sílẹ̀ lónìí, a ó pa dọ́là 95 mọ́. Mo ti fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí Màmá rán mi létí pé láti oṣù Kẹwàá sí oṣù Kejìlá ni iṣẹ́ kàlẹ́ńdà àti ìwé ìrántí máa ń ya lù wá, a sì máa ń gba ayàwòrán kan fún oṣù mẹ́ta náà. Bí a bá fi àyè náà sílẹ̀ nísinsìnyí, a ó ra òmíràn ní oṣù Kẹwàá lórí àdéhùn ọdún kan tuntun, èyí tí yóò jẹ́ dọ́là 456. Àyè tó ṣófo ní oṣù Kẹjọ kò túmọ̀ sí àyè tí a kò nílò, èmi tí mo wà nídìí ìwé owó kò sì lè mọ èyí láìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ bí ọdún iṣẹ́ ṣe ń yí. A kò fọwọ́ kan àyè kẹta náà.

Ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá

Ìwé owó oṣù Kẹjọ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, nítorí pé ọjọ́ díẹ̀ ló kù nínú oṣù náà nígbà tí a pa àwọn àkáǹtì náà rẹ́, ètò Flexible sì ń ṣírò owó lórí iye ọjọ́. Ẹni tó bá wà lórí àdéhùn ọdún pẹ̀lú Google kò ní rí ìdínkù kankan títí ọjọ́ ìsọdọ̀tun rẹ̀ fi pé. Ìwé owó oṣù Kẹsàn-án ni ó wọlé láàárọ̀ yìí: àkáǹtì mẹ́fà, dọ́là 100.80. Lórí 1,500 náírà, ó jẹ́ 151,200 dípò 352,800, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 201,600 náírà lóṣù kan. Màmá tún fi ìka ka mẹ́fà, ó sì buwọ́ lù ú.

Mo ti fi ìlà kan kún ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀kọ́ṣẹ́ máa ń gbà kí ó tó lọ: n kò ní gbé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ fún Màmá láti buwọ́ lù àfi tí mo bá ti fi fáìlì rẹ̀ fún ẹlòmíràn, tí mo sì ti pa àkáǹtì rẹ̀ rẹ́. Ohun kan ṣoṣo tó kù nínú tábìlì ni àyè kẹta ti sọ́fíwia ìyàwòrán. Ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú ìsọdọ̀tun ni àdéhùn gbà kí a dín àyè kù láìsan ìtanràn, ìyẹn láti ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá. Mo ti kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà tó wà lókè tábìlì mi, pẹ̀lú iye owó náà àti orúkọ ẹni tí ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.